Ìdá ààbọ̀ tó yí ìlà padà: ìdáhùn lórí àwọn ìdọ́gba nọ́má

«Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ọdún márùn-ún ni mo fi wọn bí omi kànga ilé wa ṣe jìn tó láti ẹnu kànga, ní oṣù Kejì ọdọọdún. Ní 2018, mítà 6.1 ni, 2019, 6.4, 2020, 6.5; 2021, 6.9, 2022, 7.1. Mo lo àwọn ìdọ́gba nọ́má láti fi fa ìlà títọ́, mo sì rí i pé mítà 0.30 ni omi fi ń jìn sí i lọ́dún. Àbúrò mi ṣe é, ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ kọ Math ERROR. Kọ̀ǹpútà ní 0.25 ni, ó sì tún kọ -498.4 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọ́múlà kan náà ni gbogbo wa lò. Ta ló tọ̀nà, kí sì ni -498.4 yẹn?»

Kọ̀ǹpútà ló tọ̀nà. Mo ti yẹ ìwé ìṣirò tí ẹ̀yin àti àbúrò yín fi ránṣẹ́ wò láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn, kò sì sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú yín ti ṣi fọ́múlà lò. Ohun tó fa ìyàtọ̀ kéré débi pé ojú lè fò ó: ẹ̀yin sọ 66662.5 di 66663 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àyọkúrò, àbúrò yín sì sọ 20402010 di 20402000. Irú gígé bẹ́ẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára nínú ìṣirò ọjà tàbí ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò yìí, ibi tí ẹ ti gé e gan-an ni ìdáhùn fara pamọ́ sí. Kí n tó fi hàn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ tú àṣìlóye kan tí mo rí nínú ìwé yín, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ẹ tètè fura.

Lẹ́yìn tí ẹ parí ìṣirò yín, ẹ yẹ ìlà yín wò, ẹ sì kọ ọ́ sí abẹ́ ìwé pé ó péye nítorí pé àpapọ̀ àwọn àṣẹ́kù jẹ́ òdo. Ohun tí mo ń pè ní àṣẹ́kù ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ẹ wọ̀n nínú kànga àti ohun tí ìlà sọ fún ọdún kan náà, tí a wọ̀n ní òòró, láti òkè dé ilẹ̀. Ìlà yín sọ pé 6.0 ni fún 2018, 6.3 fún 2019, 6.6 fún 2020, 6.9 fún 2021 àti 7.2 fún 2022. Àwọn àṣẹ́kù rẹ̀ wá jẹ́ 0.1, 0.1, -0.1, 0 àti -0.1, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ òdo lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ìlà yín nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín ọdún márààrún ni 2020, àárín ìjìnlẹ̀ omi márààrún sì ni 6.6, nítorí pé 33 ni àpapọ̀ wọn, tí a bá sì pín in sí márùn-ún, 6.6 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà èyíkéyìí tó bá ti gba ojú àmì yìí kọjá, ìyẹn 2020 àti 6.6, àpapọ̀ àṣẹ́kù rẹ̀ yóò jẹ́ òdo, ì báà dà gẹ̀rẹ̀ sókè, ì báà dà gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, ì báà tilẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja. Ohun tó ṣẹ́kù sókè ní apá kan ni ohun tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ní apá kejì ń pa rẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí a tó pa wọ́n pọ̀, kí àṣẹ́kù òdì má baà rí ọ̀nà pa èyí tí kì í ṣe òdì rẹ́ mọ́. A óò wá yan ìlà tí àpapọ̀ yìí kéré jù lọ fún. Ti ìlà yín jẹ́ 0.04, nítorí pé 0.01 lọ́nà mẹ́rin ni. Ìlà kọ̀ǹpútà sọ pé 6.1, 6.35, 6.6, 6.85 àti 7.1, àṣẹ́kù rẹ̀ sì jẹ́ 0, 0.05, -0.1, 0.05 àti 0. Bí a bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 0.015 ni àpapọ̀. Kò sí ìlà títọ́ mìíràn láyé yìí tí yóò fún àwọn àmì márùn-ún yín ní iye tó kéré sí ìyẹn. Ọ̀nà yìí ti pẹ́: Adrien-Marie Legendre, ará Faransé, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1805 nínú ìwé tó kọ lórí ipa ọ̀nà àwọn ìràwọ̀ onírù. Carl Friedrich Gauss, ará Jámánì, náà tẹ tirẹ̀ jáde ní 1809, ó sì ní òun ti ń lò ó láti 1795, èyí tó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn ìdọ́gba nọ́má kò ju ohun méjì tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìlà tó dára jù lọ. Èkíní ni pé kí àpapọ̀ àṣẹ́kù jẹ́ òdo. Èkejì ni pé bí a bá sọ àṣẹ́kù ọdún kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́mbà ọdún náà, kí àpapọ̀ ìyẹn náà jẹ́ òdo. Èkíní ló ń fi ìlà kan ojú àmì àárín, kò sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ló ń pinnu bí ìlà yóò ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó. Orúkọ náà, nọ́má, kò túmọ̀ sí pé àwọn ìdọ́gba yìí jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ohun tó bá dúró ṣánṣán lórí òmíràn, bí òpó ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn àṣẹ́kù, bí a bá wò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ kan, dúró ṣánṣán sí ọ̀wọ́ àwọn ọdún. Bí a bá pe ìlà náà ní y = a + bx, tí n jẹ́ iye àmì, tí Sx jẹ́ àpapọ̀ àwọn ọdún, tí Sy jẹ́ àpapọ̀ ìjìnlẹ̀ omi, tí Sxx jẹ́ àpapọ̀ ọdún tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, tí Sxy sì jẹ́ àpapọ̀ ọdún tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìjìnlẹ̀ omi, ohun méjì tí a béèrè yẹn di báyìí, tòun ti nọ́mbà kànga yín lábẹ́ wọn:

```
n·a  + Sx·b  = Sy
Sx·a + Sxx·b = Sxy

5a     + 10100b    = 33
10100a + 20402010b = 66662.5
```

Láti rí b, èyí tí í ṣe ìdagẹ̀rẹ̀, a óò mú a kúrò nínú ìdọ́gba méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀:

```
b = (5×66662.5 − 10100×33) / (5×20402010 − 10100×10100)
  = (333312.5 − 333300) / (102010050 − 102010000)
  = 12.5 / 50
  = 0.25
```

Lókè, nọ́mbà méjì tó ju ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún lọ kọlu ara wọn, ohun tó kù kò ju 12.5 lọ. Nísàlẹ̀, nọ́mbà méjì tó ju mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún lọ kọlu ara wọn, 50 péré ló kù. Gbogbo díjíìtì iwájú ni wọ́n jọ ní, wọ́n sì jọ pa ara wọn rẹ́. Àwọn díjíìtì ìdí, tí gbogbo ènìyàn ń fojú rénà, ló ṣẹ́kù láti gbé ìdáhùn ró. Nígbà tí ẹ sọ 66662.5 di 66663, ìdá ààbọ̀ péré ni ẹ fi kún un, kò sì tó ẹyọ kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n 5×66663 jẹ́ 333315, bí a bá sì yọ 333300 kúrò, 15 ló kù dípò 12.5. Bí a bá pín 15 sí ọ̀nà 50, 0.30 ni yóò jáde. Ìdá ààbọ̀ yẹn ti fi ìdá kan nínú márùn-ún kún ìdagẹ̀rẹ̀ yín. Ti àbúrò yín tilẹ̀ wá le jù bẹ́ẹ̀: 5×20402000 jẹ́ 102010000 gẹ́lẹ́, ó bá ohun tó fẹ́ yọ kúrò dọ́gba, òdo ló kù nísàlẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè fi òdo pín nǹkan. Ohun tí Math ERROR ń wí nìyẹn. Àbúrò yín ló tilẹ̀ ṣe oríire jù nínú ẹ̀yin méjèèjì, nítorí pé ẹ̀rọ kígbe fún un, nígbà tí 0.30 tiyín jọ òótọ́ débi pé ẹ ti ń gbà á gbọ́.

Kí ló dé tí àwọn nọ́mbà náà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ohun tí à ń wá kéré? Ọdún yín jìnnà sí òdo, wọn kò sì jìnnà síra wọn. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ iye tí ọmọ kan fi ga ju èkejì lọ, táwọn ọmọ méjèèjì sì dúró lórí Òkè Olúmọ, tó wá lọ ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹsẹ̀ òkè dé àtàrí kí ó tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Àṣìṣe tó kéré jọjọ nínú wíwọn òkè ti tó láti bo ìyàtọ̀ àwọn ọmọ mọ́lẹ̀. Èyí rí kedere nínú nọ́mbà ìsàlẹ̀ wa: 50 yẹn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju 5×10 lọ, 10 sì ni ohun tí a rí bí a bá wọn bí ọdún kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 2020, tí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀: 4, 1, 0, 1 àti 4. Mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún tó kù jẹ́ òkè tí àwọn ọmọ dúró lé lórí, kò sì sí ohun tó bá wa sọ nípa kànga.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n wọ́n. Ẹ yọ 2020 kúrò nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ pe ohun tó kù ní t, kí 2018 di -2, kí 2019 di -1, kí 2020 di 0, kí 2021 di 1, kí 2022 sì di 2. Àpapọ̀ t jẹ́ òdo, èyí tó túmọ̀ sí pé nọ́mbà tó so ìdọ́gba méjèèjì mọ́ra wọn ti pòórá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Bí ẹ bá sọ t kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìjìnlẹ̀ omi ọdún rẹ̀, ẹ óò rí -12.2, -6.4, 0, 6.9 àti 14.2, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 2.5. Ìdọ́gba nọ́má méjèèjì wá di báyìí, tí A jẹ́ ibi tí ìlà wà ní ọdún 2020:

```
5A  = 33     →  A = 6.6
10b = 2.5    →  b = 0.25
```

Ìlà kan náà ni, àwọn ìdọ́gba kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é lórí bébà láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ ṣèèṣì sọ 2.5 di 3, ẹ óò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ńlá ni ẹ gé, nítorí pé nọ́mbà náà fúnra rẹ̀ kò tóbi. Bí iye ọdún yín bá jẹ́ mẹ́fà ńkọ́, tí àárín wọn bọ́ sí 2020.5? Ẹ lè yọ 2020.5 náà kúrò, ẹ sì lè yọ 2020 tàbí 2021 tó wà nítòsí bí ẹ kò bá fẹ́ ìdá. Nípa ti èkejì yìí, àpapọ̀ t kò ní jẹ́ òdo, ẹ óò ní láti yanjú ìdọ́gba méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn nọ́mbà kéékèèké ni ẹ óò máa yọ kúrò nínú ara wọn, ewu náà sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ -498.4 náà kò le mọ́ báyìí. Òun ni a, ibi tí ìlà yóò wà bí ọdún bá jẹ́ òdo: 6.6 tí a yọ 0.25×2020, ìyẹn 505, kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, omi kànga yín ì bá ga ju ẹnu kànga lọ ní mítà 498.4 ní ẹgbàá ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ṣìṣe, ó kàn fa ìlà yín sẹ́yìn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti wọn omi. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe kọ ìlà yín pẹ̀lú nọ́mbà yìí rárá. Ẹ kọ ọ́ ní y = 6.6 + 0.25(x − 2020), nítorí pé 6.6 ní ìtumọ̀ tí ẹ lè lọ fi okùn yẹ̀ wò. Ìdí mìíràn tún wà fún un. Ká ní 0.254 ni ìdagẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan wá sọ ọ́ di 0.25 láti fi kọ ìròyìn, àmọ́ tí kò tún a ṣírò: 0.004 tó gé yẹn yóò di púpọ̀ pẹ̀lú 2020, ìlà yóò sì fi mítà 8 kúrò ní ipò rẹ̀, tí gbogbo omi inú kànga yín kò sì fi mítà méjì yí padà láti ìgbà tí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n.

Nípa àyẹ̀wò, ẹ ti rí i pé àpapọ̀ àṣẹ́kù kò tó. Nígbà tí ẹ ti fi ìdọ́gba kìíní ṣírò nọ́mbà a lẹ́yìn tí ẹ rí b, àpapọ̀ náà kò ní ṣe kó má jẹ́ òdo, bó ti wù kí b burú tó. Àyẹ̀wò kejì ni kí ẹ máa ṣe: ẹ sọ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú t tirẹ̀, kí ẹ sì pa wọ́n pọ̀. Fún ìlà 0.30 yín, ohun tí ẹ óò rí ni -0.2, -0.1, 0, 0 àti -0.2, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ -0.5. Ìdá ààbọ̀ tí ẹ fi kún 66662.5 nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló tún yọjú. Fún ìlà 0.25, ẹ óò rí 0, -0.05, 0, 0.05 àti 0, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdo.

Ẹ lè béèrè pé ṣé bí a kò bá ti gé nọ́mbà kankan, a kò lè lo ọdún bó ṣe wà. Fún kànga yín, ẹ lè lò ó bẹ́ẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe náà sì nìyẹn: nọ́mbà inú rẹ̀ ń mú díjíìtì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dání, 102010050 kò sì jù mẹ́sàn-án lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, ẹ̀rọ kan ń wọn omi odò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ àkókò sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, tí iye rẹ̀ fi ju bílíọ̀nù kan lọ. Nọ́mbà bẹ́ẹ̀, bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di díjíìtì mọ́kàndínlógún, kọ̀ǹpútà sì ti gé ìdí rẹ̀ kí àyọkúrò tó bẹ̀rẹ̀. Ojú wa rí i lórí àwòrán pé omi ń pọ̀ sí i, ìlà tó jáde sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá ìkíní nínú àkọsílẹ̀ ni a yọ kúrò nínú gbogbo àkókò, ìlà sì gbọ́ràn. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kì í kó àwọn àpapọ̀ ńlá wọ̀nyí jọ rárá, mo sì máa ń lò wọ́n bí ohun tí à ń wá bá ju ìdagẹ̀rẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n fún ìlà kan ṣoṣo, bí a bá ti yọ àárín kúrò, àwọn ìdọ́gba nọ́má tó, n kò sì rí ìdí tí ẹ fi ní láti wá òmíràn.

Ohun tí yíyọ àárín kò lè tún ṣe ni àṣìkà. Ká ní ẹ ṣi okùn kà ní 2022, tí ẹ kọ 9.1 dípò 7.1. Mítà méjì tó ṣì yẹn yóò di púpọ̀ pẹ̀lú t tirẹ̀, tí í ṣe 2, 2.5 yóò di 6.5, ìdagẹ̀rẹ̀ yóò sì fò láti 0.25 sí 0.65. Ká ní ọdún 2020 ni ẹ ṣe irú àṣìṣe kan náà, tí ẹ kọ 8.5 dípò 6.5: t tirẹ̀ jẹ́ òdo, ìdagẹ̀rẹ̀ kò ní yẹ̀ kúrò lórí 0.25, gbogbo ìlà yóò kàn gbéra sókè láti 6.6 sí 7.0 ni. Nítorí náà, ọdún tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì ló lágbára jù lórí ìlà, àwọn ni kí ẹ sì wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà, ìlà yín kò mọ ohunkóhun nípa òjò tàbí nípa àwọn kànga tí aládùúgbò ń gbẹ́. Bí ẹ bá nà án dé 2040, yóò sọ pé 11.6 ni, yóò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú kan náà tó fi sọ 6.6, bí ìsàlẹ̀ kànga yín kò bá tilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ́kù tó tóbi jù nínú ìlà tó tọ́ ni ti 2020, tí í ṣe -0.1: omi sún mọ́ òkè ju bí ìlà ṣe wí lọ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ẹ kò sọ fún mi bí okùn yín ṣe ní àmì tó. Bó bá jẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ẹ ta kókó sí i, kókó kan péré nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ojú ló kà á bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ni, á jẹ́ pé omi gòkè díẹ̀ lọ́dún náà ní tòótọ́, ẹ wá inú àkọsílẹ̀ yín wò bóyá òjò rọ̀ kí ẹ tó lọ wọ̀n ọ́n ní oṣù Kejì 2020.